Ẹnu-Ọ̀nà Mẹ́ta: Oko Ẹrú, Kásítì àti Kíláàsì bí a ti rí wọn láti Aklámpà

Àkótán

Àwọn ìwé ìmọ̀ àwùjọ máa ń kọ́ni pé oko ẹrú àti kásítì jẹ́ ètò tó tì pa, àti pé kíláàsì jẹ́ ètò tó ṣí sílẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo sọ pé kò yẹ kí a pe odidi ètò kan ní títì tàbí ṣíṣí. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta: ti ìwọlé, ti ìgbéyàwó àti ti ìjáde. Ìyàtọ̀ àárín àwọn ètò náà hàn nínú ẹnu-ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tì. Mo fi ìgbésí ayé Kọsọlá, ọmọ agbègbè òkè wa tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì mú lẹ́rú ní 1860, ṣe àpẹẹrẹ.

Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì: oko ẹrú, kásítì, kíláàsì, Dàhómì, Máhì, ìgbéyàwó.

1. Ohun tó fa ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní gbólóhùn kan náà: ẹni tí a bí sí kásítì kò lè kúrò níbẹ̀, ẹrú kò lè kúrò lóko ẹrú, ṣùgbọ́n ọmọ tálákà lè di olówó. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì tún un kọ fún mi nígbà ìdánwò. Kò sí èyí tó da ọkàn mi láàmú nínú rẹ̀, títí di ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ inú ilé wa ní Aklámpà.

Ìyá mi jẹ́ ará Ìdáàṣà, bàbá mi sì jẹ́ Máhì. Aklámpà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gilasúè, níbi tí àwa tí a ń sọ Máhì àti àwọn tí ń sọ èdè Ìdáàṣà ti jọ ń ná ọjà kan náà. Ọmọ àbúrò bàbá mi fẹ́ gbé ìyàwó. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ọmọbìnrin náà, bàbá rẹ̀ ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì, ilé wọn sì dára ju tiwa lọ. A rò pé àwọn ni yóò kọ̀ wá. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn àgbà tiwa ni wọ́n kọ̀. Mo lọ bá èyí tó dàgbà jù nínú wọn, mo kúnlẹ̀, mo sì béèrè ohun tó fà á.

Ó ní, “Ọmọ mi, owó wọn kò ṣe wá ní nǹkan. Ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ̀, ojú ogun ni wọ́n ti mú un wá. A ò mọ ilé tó ti wá.”

Mo ní, “Bàbá, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣé ìwọ mọ ilé náà ni?”

N kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé gbólóhùn tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tó. Oko ẹrú ti parí láti ìgbà ayé àwọn bàbá ńlá wa. Ìdílé ọmọbìnrin náà ti gòkè nínú ètò kíláàsì, ìyẹn ni pé ọ̀nà ìjáde ṣí fún wọn, wọ́n sì ti gbà á jáde. Síbẹ̀ ohun kan ṣì wà ní títì. Kí ni ohun náà, ibo ni ó sì ti wá?

2. Ẹnu-ọ̀nà mẹ́ta

Nígbà tí a bá sọ pé ètò kan ti tì, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dà pọ̀ mọ́ra. Èkíní: báwo ni ènìyàn ṣe ń wọ inú ipò náà? Èkejì: ta ni ó lè fẹ́, ìran wo ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹ́? Ẹ̀kẹta: ṣé òun fúnra rẹ̀ tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ lè jáde, kí ni yóò sì ná wọn?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kásítì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá kò ní nílé. Kásítì ni ipò tí a bí mọ́ ènìyàn, tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í fẹ́ ará ìta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sábà máa ń ní, “Àwa náà ní in, ṣé ẹ kò rí ìdílé Àyàn ni?” Lóòótọ́, a bí ìlù mọ́ ọmọ Àyàn, orúkọ rẹ̀ pàápàá, Àyànkúnlé tàbí Àyàntúndé, ń jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ Àyàn lè fẹ́ ọmọ àgbẹ̀, ó lè fẹ́ ọmọ ìjòyè. Bí ó bá gbé ìlù kalẹ̀ tó lọ ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, kò sí ẹni tí yóò tìtorí ìlù kọ̀ ọ́ ní àna. Iṣẹ́ ìdílé ni èyí, kì í ṣe kásítì.

Ní ilẹ̀ Wọ́lọ́fù ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Akígbe-oríkì tí wọ́n ń pè ní gẹ́wẹ́lì lè lówó ju ọmọ ọlọ́lá lọ, ó sì lè máa bọ́ ọ. Síbẹ̀, bí ó bá ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ọmọ rẹ̀, wàhálà dé. Láyé àtijọ́, ní àwọn ibì kan níbẹ̀, wọn kì í sin òkú gẹ́wẹ́lì sínú ilẹ̀. Inú ihò igi oṣè ni wọ́n ń gbé e sí. Nítorí náà, ohun tí a fi ń dá kásítì mọ̀ kì í ṣe iṣẹ́, kì í sì í ṣe òṣì. Ẹnu-ọ̀nà ìgbéyàwó tó tì ni, pẹ̀lú ẹnu-ọ̀nà ìwọlé tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ: ìbí.

Oko ẹrú kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu-ọ̀nà ìwọlé rẹ̀ ṣí gbayawu, ẹnikẹ́ni ni ó sì lè gbé mì. Ọmọ ọba tó sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ lè di ẹrú kí oòrùn tó yọ. Ohun tí oko ẹrú ń tì ni ọ̀nà tó padà sí ilé ẹni. Orlando Patterson, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Jàmáíkà, kọ ìwé kan lórí èyí ní 1982, ó sì sọ pé ohun tó sọ ẹrú di ẹrú ni pé wọ́n gé e kúrò lára ìran rẹ̀: kò ní bàbá tí yóò gbèjà rẹ̀, kò ní ìdílé tí yóò jogún. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú: ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Èyí ni a fi mọ ẹrú yàtọ̀ sí ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yá ìdílé rẹ̀ lówó. Iṣẹ́ náà ni èlé owó, gbèsè gan-an kò sì dín nítorí rẹ̀. Ó lè ṣe é fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ní bàbá, gbogbo ìlú ló mọ ilé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà ni ó ń lọ. Ipò rẹ̀ sún mọ́ ti kíláàsì: owó ló gbé e wọlé, owó ni yóò sì gbé e jáde. Nínú kíláàsì, kò sí òfin tó ti ẹnu-ọ̀nà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n ń gba owó ìwọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

3. Kọsọlá: ẹni tó gba inú ètò mẹ́ta kọjá

Ọkùnrin kan wà tí ìgbésí ayé rẹ̀ fi ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn wá, agbègbè tiwa yìí ni ó sì ti jáde. Kọsọlá ni orúkọ rẹ̀. Sylviane Diouf, òpìtàn tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, gbà pé agbègbè Bántè ni wọ́n ti bí i, nínú àwọn òkè kan náà tí Aklámpà wà. Ní 1860, nígbà tí Glẹlẹ́ jẹ́ ọba Dàhómì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ya wọ ìlú Kọsọlá ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún 19 ni. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n mú lọ sí Àgbómẹ̀, lẹ́yìn náà sí Wídà létí òkun. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú àhámọ́ níbẹ̀, kí wọ́n tó tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Kọ̀tílídà. Nǹkan bí ènìyàn 110 ni ọkọ̀ náà kó lọ sí Mòbíìlì, ní ìpínlẹ̀ Alabámà ní Amẹ́ríkà. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀, nítorí náà wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà láti fi ẹ̀rí pamọ́.

Ẹ wo ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́. Kọsọlá kò jẹ gbèsè, kò ṣẹ̀, wọn kò sì bí i ní ẹrú. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó fi wọlé. Ohun tí ó pàdánù lọ́jọ́ náà ni ilé rẹ̀. Títí ó fi darúgbó, nígbà tí Zora Neale Hurston wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ní 1927, orí bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń padà sí.

Ní Alabámà, òfin ti ẹnu-ọ̀nà ìjáde. Láti 1662 ni ìpínlẹ̀ Fàjíníà ti fi òfin lélẹ̀ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù tó ń kó ẹrú sì tẹ̀ lé e. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, àti ọmọ ọmọ, láìka ẹni tó jẹ́ bàbá sí. Nígbà náà ni oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í jọ kásítì: ìbí di ọ̀nà ìwọlé.

Ní oṣù kẹrin 1865, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń parí, wọ́n sì sọ fún Kọsọlá pé ó ti di òmìnira. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ padà sílé, ṣùgbọ́n wọn kò rí owó ọkọ̀. Ó lọ bá Timothy Meaher, olówó tó rán ọkọ̀ náà jáde, ó ní kí ó fún wọn ní ilẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Meaher kọ̀. Wọ́n bá lọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi, àwọn obìnrin wọn ń ta ohun ọ̀gbìn, wọ́n ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ra ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni a ń pè ní Áfíríkàtáùnù títí di òní. Ipò kíláàsì nìyẹn: ẹni tí kò ní ilẹ̀ ta agbára apá rẹ̀, ó sì ra ohun tí wọn kò fún un. Bí ẹni tó ń lo gbólóhùn tí mo fi ń kọ́ni bá dúró níbí, yóò sọ pé Kọsọlá ti bọ́ láti inú ètò títì sínú ètò ṣíṣí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu-ọ̀nà ìgbéyàwó. Òfin Alabámà ka ìgbéyàwó láàárín aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun léèwọ̀, ó sì ń ju àwọn tó bá rú u sẹ́wọ̀n. Ní 1901, ìwé òfin tuntun ìpínlẹ̀ náà tún gba ìbò lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláwọ̀ dúdú. Bí Kọsọlá bá tilẹ̀ ti di ọlọ́rọ̀, kò sí iye owó tí yóò fi ra ìyẹn. Ó kú ní 1935 láàárín òfin náà. Ọdún 1967 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà tó fòpin sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú ìwé òfin Alabámà títí di ọdún 2000, nígbà tí wọ́n dìbò láti yọ ọ́ kúrò. Nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn olùdìbò ní kí ó dúró síbẹ̀.

Nítorí náà, ní ìgbésí ayé ọkùnrin kan ṣoṣo, a rí oko ẹrú tó parí, kíláàsì tó ṣí díẹ̀, àti kásítì tí wọ́n fi àwọ̀ ara dá sílẹ̀ tí kò ṣí rárá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rọ́pò ara wọn bí aṣọ tí a bọ́ tí a tún wọ òmíràn. Wọ́n lè jọ wà lórí ẹnì kan náà nígbà kan náà.

4. Ẹni tó kù sí Àgbómẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n mú ni wọ́n tà sí òkè òkun. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú ní òwúrọ̀ kan náà, tí ọba fi sí oko rẹ̀ nítòsí Àgbómẹ̀. Kannúmọ̀ ni Fọ̀n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀: ẹrú tí wọ́n mú wá láti ìta. Wọ́n lè tà á, wọ́n sì lè pa á níbi ọdún ìrántí àwọn ọba.

Ní báyìí, ó bí ọmọ sí oko náà. Níbi yìí ni Dàhómì ti yà kúrò lọ́dọ̀ Alabámà. Àṣà Dàhómì kò gbà kí a ta ẹni tí a bí sínú ìlú náà, àyàfi bí ó bá ṣẹ̀ sí òfin. Ọmọ náà kì í ṣe kannúmọ̀ mọ́, glésì ni. Nínú èdè Fọ̀n, glé ni oko. Ẹni oko ni glésì: wọn kò lè tà á, ṣùgbọ́n kò lè fi oko náà sílẹ̀, apá kan nínú ohun tó bá gbìn sì jẹ́ ti olúwa rẹ̀. Ó wà láàárín ẹrú àti ànátọ́, ìyẹn ọmọ ìlú tó wà lómìnira.

Bí ọ̀nà ìjáde ti ṣí nìyẹn: ẹsẹ̀ kan ní ìran kan. Ìyá kò jáde. Ọmọ rìn dé ìdajì ọ̀nà. Bí ọmọbìnrin tó jẹ́ glésì bá sì bímọ fún ọkùnrin tó wà lómìnira, ilé bàbá ni ọmọ náà yóò jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gba Àgbómẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1892, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Máhì àti ilẹ̀ Yorùbá dìde padà sílé. Òfin Faransé ti ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1905 ka rírà àti títa ènìyàn léèwọ̀ ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn. Ọmọ oko ẹrú Dàhómì kò sì ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ tí a lè fi dá a mọ̀ lójú ọ̀nà. Ohun tó kù ni ìrántí àwọn àgbà, ìrántí náà kì í sì í jáde síta àfi ní ọjọ́ kan ṣoṣo: ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó.

5. Bí a ṣe lè mọ̀, àti ibi tí a ti ń ṣìnà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan ti tì kò gbọdọ̀ fi ẹnì kan tó gòkè ṣe ẹ̀rí. Ní Ìbàdàn ní ìgbà ogun, àwọn ẹrú kan di olórí ẹlẹ́ṣin fún àwọn balógun, wọ́n sì ní ẹrú tiwọn. Èyí kò sọ oko ẹrú di ètò ṣíṣí. Ẹrú ni ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ́, nítorí agbára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ olúwa rẹ̀ ni ó ti wá, ó sì lè gbà á padà. Ohun tó yẹ kí a béèrè ni ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò jókòó sí nígbà tí òun bá kú, àti ilé tí yóò gbà láti bá a dána.

Àṣìṣe kejì ni láti rò pé ṣíṣí túmọ̀ sí àánú. Dàhómì ṣí ẹnu-ọ̀nà ìjáde fún ọmọ ẹrú ju Alabámà lọ, ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ọmọ náà ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ṣe ní láti máa jáde lọ mú àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà òkun ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí ẹrú bá bí ni wọ́n fi ń rọ́pò ẹrú tó kú; nítòsí Dàhómì, àwa ará òkè ni wọ́n fi ń rọ́pò wọn. Ọ̀nà ìjáde tó ṣí ní Àgbómẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ogun tún padà wá sí ilẹ̀ Máhì ní ọdún tó ń bọ̀.

Àṣìṣe kẹta ni tèmi gan-an: láti máa wo òfin àti owó nìkan. Òfin tó parí oko ẹrú ṣí ọ̀nà ìjáde. Owó ṣí ọ̀nà kíláàsì. Kò sí èyí tó fọwọ́ kan ẹnu-ọ̀nà ìgbéyàwó, nítorí pé àwọn àgbà ilé ló ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ìjọba. Bí àwọn ilé tó pọ̀ bá jọ ti ẹnu-ọ̀nà yìí fún àwọn ọmọ ẹrú àtijọ́, ìran dé ìran, a ti ń dá kásítì sílẹ̀ láìmọ̀, bí a kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un.

6. Ìparí

Mo padà lọ bá bàbá àgbà náà. Mo sọ fún un pé ìyá tí wọ́n mú wá láti ojú ogun ní ilé. Àwa ni a kò mọ̀ ọ́n. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tó mú un náà ni wọ́n mú àwọn ènìyàn tiwa. Mo rán an létí òwe tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pa: ìbí kò ju ìbí, bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Òwe ni. Ìwọ náà mọ̀ pé òwe kì í gbé ìyàwó.”

Ìgbéyàwó náà wáyé. Méjì nínú àwọn àgbà wá. Òun kò wá. Tọkọtaya náà ti bí ọmọkùnrin kan, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí, orúkọ ilé wa ni ó sì ń jẹ́. Ní ìlànà Dàhómì àtijọ́ pàápàá, ilé bàbá ni ọmọ yìí jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá dàgbà tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìyá bàbá bàbá ìyá rẹ̀ nígbà tí òun náà bá fẹ́ gbéyàwó, oko ẹrú tó bẹ̀rẹ̀ lójú ogun yóò ti parí ní Aklámpà. Bí wọ́n bá béèrè, kì yóò tíì parí. Ní báyìí, gbólóhùn àtijọ́ yẹn kọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọdún kìíní. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ilé tí ìdílé rẹ̀ kì í fẹ́ ọmọ wọn sílẹ̀, kí ó sì lọ béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà kan.